Ìsàlẹ̀ Ṣírí Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Bí A Ṣe Ń Dá Irú Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kan Mọ̀ Yàtọ̀ sí Òmíràn

Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì ga ju orókún lọ ṣòro dá mọ̀. Wọ́n á tò ó sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ẹni tó ń tà á á ní àgbagbà ni, ẹni tó ń rà á á sanwó, á gbìn ín, á sì máa ro oko fún nǹkan bí ọdún kan. Ìgbà tí ṣírí bá jáde ló tó máa rí i pé ẹyọ wẹ́wẹ́ tó pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ló so, nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ gbọọrọ tí àwọn oníbọ̀ọ̀lì àti àwọn tó ń din dòdò ń wá ló ní lọ́kàn. Nígbà míì kò tilẹ̀ ní jẹ́ àgbagbà rárá, yóò jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè kan tí wọ́n jọra lójú òpópónà lásán.

Ibi méjì ni ìmọ̀ yìí wà lára ọ̀gẹ̀dẹ̀: bí ṣírí ṣe rí, àti àwọ̀ ara igi rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn wo méjèèjì. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Àwọ̀ igi ń sọ ìdílé tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wá fún wa. Ṣírí ló ń sọ irú tó jẹ́ nínú ìdílé náà. Ẹni tó bá ń fi àwọ̀ igi wá ohun tí ṣírí nìkan lè sọ yóò máa ra ọmọ tí kò fẹ́ títí.

Ẹ jẹ́ ká ti ṣírí bẹ̀rẹ̀, ká sì lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tààrà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá jáde, ó ní ètò tó máa ń tẹ̀lé. Àwọn òdòdó abo ló kọ́kọ́ ń ṣí, nítòsí ọrùn ṣírí, àwọn yìí ló ń di ẹ̀ya ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń jẹ. Lẹ́yìn wọn ni àwọn òdòdó tó jẹ́ akọ tó tún jẹ́ abo, tí wọn kì í di èso tó dáa, tí wọ́n sì máa ń gbẹ sára ọ̀pá ṣírí. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ìdì òdòdó akọ wà, èyí tí àwọ̀ àlùkò bò, tó máa ń rọ̀ dòò lẹ́nu ọ̀pá. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá parí ètò yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ó rí gbogbo rẹ̀ lára ṣírí tó gbó. Àwọn kan nínú àgbagbà kì í parí rẹ̀, wọ́n máa ń dúró lójú ọ̀nà. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí ni àwọn onímọ̀ fi pín àgbagbà sí irú mẹ́rin.

Èyí tó parí ètò náà ni wọ́n ń pè ní Faransé. Ìdì òdòdó akọ ṣì wà lẹ́nu ọ̀pá rẹ̀ nígbà tó bá gbó, òdòdó gbígbẹ a sì bo ọ̀pá náà láti abẹ́ ẹ̀ya tó kẹ́yìn lọ. Ẹ̀ya rẹ̀ máa ń pọ̀, ẹyọ rẹ̀ a sì pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ẹyọ kọ̀ọ̀kan kéré. Èkejì ni Ìwo Faransé: ẹyọ rẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, òdòdó gbígbẹ púpọ̀ ṣì wà lára ọ̀pá, àmọ́ ìdì òdòdó akọ kò sí mọ́ nígbà tí ṣírí bá gbó. Ẹ̀kẹta ni Ìwo Èké. Ẹ̀ya rẹ̀ kò pọ̀, ẹyọ rẹ̀ gùn, ó sì nípọn. Tí ẹ bá wo ìsàlẹ̀, òdòdó gbígbẹ díẹ̀ péré lẹ máa rí, ọ̀pá á sì kàn parí lẹ́yìn wọn. Ẹ̀kẹrin ni Ìwo Gidi, tí kò ní òdòdó gbígbẹ kankan lábẹ́ ẹ̀ya tó kẹ́yìn, tí kò sì ní ìdì òdòdó akọ. Ẹ̀ya díẹ̀ ló máa ń ní, ẹyọ rẹ̀ ló sì tóbi jù nínú gbogbo wọn.

Tézenas du Montcel, De Langhe àti Swennen ni wọ́n fi ìlànà yìí lélẹ̀ nínú ìwé kan tí wọ́n kọ ní 1983, wọ́n sì so ìwọ̀n igi mọ́ ọn: wọ́n ń ka ewé tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yọ kí ó tó tan òdòdó. Èyí tí ewé rẹ̀ kò tó 32 jẹ́ kékeré, èyí tó wà láàárín 32 sí 38 jẹ́ àárín, èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ ńlá. Ìdí tí ìwọ̀n fi ṣe pàtàkì ni pé irú ńlá máa ń pẹ́ kó tó so, ṣírí rẹ̀ sì máa ń wúwo jù. Ṣùgbọ́n kíka ewé gba sùúrù, nítorí èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí ọmọ ti wà ní kékeré, kó sì máa fi ọ̀dà sàmì sára ewé tuntun kí ó má bàa ṣì í kà.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nílẹ̀ wa, tí àwọn onímọ̀ níbi gbogbo lágbàáyé sì ń fi orúkọ Yorùbá pè nínú ìwé wọn, ni Agbagba, Ìwo Èké ni, ó sì jẹ́ irú àárín. IITA tó ní olú ilé-iṣẹ́ ní Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ibùdó rẹ̀ tó wà ní Ọnne, nítòsí Pọ́tù Hákọ́ọ̀tù. Ní ilẹ̀ Gáánà pẹ̀lú, àwọn tó ń sọ èdè Akan ti ní orúkọ tiwọn fún àwọn irú yìí tipẹ́tipẹ́: Apẹm ni wọ́n ń pe Faransé, Apantu ni Ìwo Èké, Asamienu ni Ìwo Gidi. Ní Bùràsíìlì, àgbagbà tí wọ́n ń pè ní Tẹ́rà jẹ́ Faransé, èyí tí wọ́n ń pè ní Dangólà sì jẹ́ Ìwo Èké. Bí orúkọ ṣe ń yí padà láti etíkun kan sí èkejì, ìsàlẹ̀ ṣírí kì í yí padà.

Ohun méjì ni èèyàn máa ń fẹ́ fi dá wọn mọ̀ kí ó tó wo ìsàlẹ̀, méjèèjì ló sì ń tan ènìyàn jẹ. Ọ̀kan ni iye ẹ̀ya. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pinnu iye ẹ̀ya tí yóò ní kí òdòdó rẹ̀ tó jáde rárá, ohun tó jẹ nígbà náà ló fi pinnu rẹ̀. Ilẹ̀ tó ti rẹ̀, koríko tó pọ̀, ọ̀dá tàbí kòkòrò tó ń jẹ gbòǹgbò lè mú kí Ìwo Èké so ẹ̀ya mẹ́ta péré, kí ẹni tó wò ó sì pè é ní Ìwo Gidi. Ẹ wo òdòdó gbígbẹ kéékèèké lábẹ́ ẹ̀ya tó kẹ́yìn: bí ó bá wà níbẹ̀, Ìwo Èké tí ebi pa ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Faransé tí kò rí oúnjẹ jẹ á so ẹ̀ya díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdì òdòdó rẹ̀ kò ní lọ.

Ohun kejì ni àkókò tí a fi wò ó. Nígbà tí ṣírí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, gbogbo wọn ló ní ìdì òdòdó lẹ́nu, Ìwo Èké pẹ̀lú. Bí àwọn ẹ̀ya bá ṣe ń ṣí tán ni ti Ìwo Èké á máa rẹ̀ lọ títí yóò fi tán. Nítorí náà, ẹ má ṣe ìdájọ́ lórí ṣírí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Láti ìgbà tí òdòdó bá ti yọ sí ìgbà tí a ó gé e jẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Oṣù tó kẹ́yìn nínú mẹ́ta yìí ni ojú ọ̀rọ̀ máa ń mọ́ jù.

Ẹ̀tàn kan tún wà tó ń ti ọwọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ wá. Àwọn kan máa ń gé ìdì òdòdó akọ sọnù lẹ́yìn tí ẹ̀ya tó kẹ́yìn bá ti ṣí, kí oúnjẹ tí ì bá lọ síbẹ̀ lè lọ sára èso. Faransé tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún á wá dà bí ẹni tí kò ní ìdì rí. Ẹ wo orí ọ̀pá náà dáadáa. Bí ọ̀bẹ bá kàn án, ẹnu rẹ̀ á tẹ́, á sì wà ní bọ̀rọ̀gídí. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá fúnra rẹ̀ dá a dúró, ẹnu rẹ̀ á tín-ín-rín, á gbẹ, kò sì ní ní ojú ọgbẹ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wá sídìí igi. Ohun tí à ń pè ní igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe igi. Ìdí ewé ni, tí wọ́n wé mọ́ra wọn ní ìpele ìpele. Nítorí náà, àwọ̀ tí a rí níta jẹ́ àwọ̀ ìdí ewé tó wà lóde jù, èyí tó sì máa ń gbẹ tó máa ń dúdú. Ẹni tó fẹ́ wo àwọ̀ igi gbọ́dọ̀ bọ́ gbogbo awọ gbígbẹ kúrò títí yóò fi dé ara tútù, kó fọ ẹrẹ̀ rẹ̀, kó sì wò ó níbi tó ga tó àyà ènìyàn, lára igi tó ti tan òdòdó tàbí tó fẹ́ tan. Ara ọmọ kékeré kò ṣeé gbà gbọ́, nítorí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ púpọ̀ máa ń ní pupa tàbí àlùkò lára ewé nígbà èwe tí yóò sì parẹ́ nígbà tí wọ́n bá dàgbà.

Ìdí tí àwọ̀ fi ń sọ ìdílé ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń jẹ ti ọ̀dọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìgbẹ́ méjì wá, láti ilẹ̀ Éṣíà: Músà akumináta àti Músà balibisiánà. Ara igi akumináta máa ń ní àbàwọ́n dúdú tàbí pupa rúsúrúsú púpọ̀. Ti balibisiánà mọ́, àbàwọ́n rẹ̀ kò pọ̀ tàbí kò sí rárá. Ní 1955, àwọn onímọ̀ méjì, Simmonds àti Shepherd, lo àmì 15 láti fi mọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣe súnmọ́ ọ̀kan nínú àwọn òbí méjì yìí, àwọ̀ ara igi sì wà lára àwọn àmì náà. Wọ́n ń fún àmì kọ̀ọ̀kan ní 1 bí ó bá jọ akumináta, 5 bí ó bá jọ balibisiánà, wọ́n á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó jọ akumináta pátápátá á ní 15, ẹni tó jọ balibisiánà pátápátá á ní 75. Àgbagbà wà láàárín, nítorí òbí méjèèjì ló bí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti akumináta ló pọ̀ jù lára rẹ̀.

Nínú oko, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ ní pípọ́n, irú bíi Káfẹ́ńdìṣì, tó jẹ́ ọmọ akumináta nìkan, máa ń ní àbàwọ́n dúdú tó nípọn lórí ara igi tó jẹ́ àwọ̀ ewé. Ara igi àgbagbà sábà máa ń mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, pupa díẹ̀ a sì máa wà lára rẹ̀, pàápàá létí ọ̀pá ewé. Bí ẹ bá wá rí igi tó jẹ́ àwọ̀ ewé mímọ́, tí àbàwọ́n kò sí lára rẹ̀, tí nǹkan funfun lẹ́búlẹ́bú sì bo ó tí ó máa ń kúrò bí ẹ bá fi ìka pá a, ẹ̀jẹ̀ balibisiánà pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè bíi Kádábà àti Búlọ́gò nìyẹn, tí IITA pín fún àgbẹ̀ ní Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980 nígbà tí àrùn Sigatókà dúdú ń ba ewé àgbagbà jẹ́. Wọ́n dúró dáadáa níwájú àrùn náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àgbagbà, ẹyọ wọn kúrú, ó nípọn, ó sì ní igun.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ rẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ pupa. Igi rẹ̀, ọ̀pá ewé rẹ̀ àti èso rẹ̀ ló pọ́n. Kí ẹ má ṣe yà lẹ́nu bí ọmọ kan láti ìdí rẹ̀ bá jáde ní àwọ̀ ewé. Ẹ̀dá rẹ̀ ló yí padà nínú awọ, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí i lọ́pọ̀ ibi lágbàáyé, èso ọmọ náà á sì jẹ́ àwọ̀ ewé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà ni.

Àwọ̀ kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pe irú. Bí ẹ bá rí ilà dúdú kéékèèké tó ge sí wẹ́wẹ́ lára ọ̀pá ewé, tí àwọn ewé tuntun ń kúrú, tí wọ́n sì ń dúró ṣánṣán ní ìdì lókè, àrùn ni, irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́. Kòkòrò àìfojúrí kan ló ń fà á, iná ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló sì ń gbé e káàkiri. Ní nǹkan bí 2012 ni wọ́n rí i ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, nítòsí ibodè Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ti rí i ṣáájú. Igi tó bá ní in kò ní so ṣírí tó dáa, ọmọ rẹ̀ náà á sì ní in. Ẹ hú u, kí ẹ má sì gbé ọmọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká wá fi gbogbo rẹ̀ papọ̀. Ká sọ pé a wọ oko kan nítòsí Ìkirè, níbi tí wọ́n ti ń fi àgbagbà tó pọ́n rọ̀ ṣe dòdò Ìkirè, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin sì wà níbẹ̀ tí ṣírí wọn ti gbó. Ẹni tó ni oko sọ pé àgbagbà ni gbogbo wọn.

Ìdí kìíní ní àbàwọ́n dúdú nípọn nípọn lára igi. Ṣírí rẹ̀ gùn, ẹ̀ya mẹ́jọ ló ní, ẹyọ rẹ̀ tẹ̀ kọ̀rọ̀ sókè, ìdì òdòdó sì wà nísàlẹ̀. Igi ti sọ ìdílé: ọmọ akumináta ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni, kì í ṣe àgbagbà. Ìdí kejì, igi rẹ̀ mọ́, lẹ́búlẹ́bú funfun wà lára rẹ̀. Ẹyọ rẹ̀ nípọn, ó kúrú, ó sì ní igun. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè ni. Ìdílé ti yà wọ́n kúrò lára àgbagbà, kò tilẹ̀ nílò kí a tún wò wọ́n lọ́nà míì.

Ìdí kẹta àti ìkẹrin ni ọ̀rọ̀ wà lórí wọn, nítorí igi wọn jọra: àwọ̀ ewé, pupa díẹ̀ létí ọ̀pá ewé, àbàwọ́n kò pọ̀. Àgbagbà ni méjèèjì. Ṣírí kẹta ní ẹ̀ya mẹ́fà, ẹyọ méjìdínlọ́gbọ̀n, wọ́n gùn, wọ́n sì tóbi. Ìdì òdòdó kò sí, òdòdó gbígbẹ díẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀ya tó kẹ́yìn, ẹnu ọ̀pá rẹ̀ sì tín-ín-rín, ó gbẹ. Ìwo Èké ni, èyí gan-an ni Agbagba. Ṣírí kẹrin náà kò ní ìdì òdòdó, ẹni tó ni oko sì rò pé irú kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹyọ rẹ̀ ju àádọ́ta lọ, òdòdó gbígbẹ bo ọ̀pá rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹnu ọ̀pá náà sì tẹ́ ní ojú ọ̀bẹ. Faransé ni, wọ́n ti gé ìdì rẹ̀. Bí a bá hú ọmọ láti ìdí kẹta àti ìkẹrin, tí a gbé wọn sójú kan, kò sí ẹni tó máa lè fi àwọ̀ igi yà wọ́n. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, kí a ti sàmì sí ìyá wọn ṣáájú.

Bí igi wọn bá yàtọ̀ ní àwọ̀, bí ọ̀kan bá dúdú jù, ẹ lè fi ìyẹn ṣe àmì nínú oko tiyín, nítorí ọmọ máa ń gba àwọ̀ ìyá. Ṣùgbọ́n àmì oko tiyín ni, ẹ má gbé e lọ sí oko ẹlòmíràn, nítorí àwọ̀ kan náà lè wà lára Faransé ní ibì kan, kó sì wà lára Ìwo Èké ní ibòmíràn.

Ewu kan wà tí àwọn tó ń ra ọmọ láti ilé àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ mọ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọmọ di púpọ̀ nínú ìgò. Ìwo Èké lè padà di Faransé níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ IITA ṣe àkíyèsí rẹ̀ lára Agbagba ní àwọn ọdún 1980: ọmọ jáde láti ìyá tí a mọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó so, ìdì òdòdó wà lẹ́nu ṣírí rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè rí i nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, kò sì ní hàn lára àwọ̀ igi. Nítorí náà, bí ẹ bá ra ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀, ẹ má ṣe sọ gbogbo wọn di ìyá títí ṣírí àkọ́kọ́ yóò fi gbó. Èyí tó bá yàtọ̀, ẹ tà á tàbí kí ẹ jẹ ẹ́, àmọ́ ẹ má hú ọmọ rẹ̀ fún gbígbìn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹnikẹ́ni tó ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lẹ́yìn ilé ni pé nígbà tí ṣírí tó ń bọ̀ bá gbó, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gé e. Ẹ fi ọ̀dà kọ irú rẹ̀ sórí pákó kékeré, kí ẹ rì í mọ́ ìdí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá tọrọ ọmọ, ibi tí pákó náà wà ni kí ẹ ti hú u fún un.